Bí Àwòrán Fóònù Bá Dẹ́kun Lílọ Sórí Google Photos Fúnra Rẹ̀

Ẹ tan Backup sílẹ̀ nínú Google Photos lọ́jọ́ tí ẹ ra fóònù, ẹ rí i pé àwọn àwòrán ń gòkè lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkàn yín sì balẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ ò bojú wo ibẹ̀ mọ́. Ó di ọjọ́ tí fóònù jábọ́ sínú omi, tàbí tí wọ́n yọ ọ́ lápò yín nínú ọkọ̀, kí ẹ tó fi fóònù mìíràn wọlé sí àkáǹtì yín, kí ẹ sì rí i pé àwòrán tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́ta. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tó jáde. Áàpù náà kàn dákẹ́ ni.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe Google Photos rárá. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń dá a dúró nítorí kí bátìrì má baà tètè tán. Àwa náà sì máa ń ti fóònù lẹ́yìn láìmọ̀, pàápàá níbi tí iná kò ti dúró, tí èèyàn ń ṣọ́ bátìrì lójú méjèèjì.

Fóònù Android ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé, irú Tecno, Infinix, Samsung àti Redmi tó pọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sí i nípa iPhone. Orúkọ tí ẹ ó rí lójú fóònù yín lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí mo kọ, torí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe Settings tirẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ohun kan níbi tí mo ní ó wà, ẹ lo àpótí ìwárí tó wà lókè Settings, kí ẹ tẹ orúkọ ohun tí ẹ ń wá síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tí áàpù náà ń sọ nípa ara rẹ̀

Ẹ má tíì fọwọ́ kan Settings fóònù. Ẹ ṣí Google Photos. Lójú fóònù, Photos lásán ni wọ́n kọ sábẹ́ àmì rẹ̀, ẹ má sì ṣe ṣì í mú fún Gallery, nítorí Gallery wulẹ̀ ń fi ohun tó wà nínú fóònù hàn yín ni. Ẹ tẹ àwòrán yín, tàbí lẹ́tà orúkọ yín, tó wà nínú òbìrí kékeré lókè lápá ọ̀tún. Lábẹ́ àdírẹ́sì ímeèlì yín ni ẹ ó ti rí ibi tí iṣẹ́ dé.

Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ímeèlì méjì tàbí mẹ́ta nínú fóònù kan ṣoṣo, kò sì ṣọ̀wọ́n kí àwòrán máa lọ sínú èyí tí ẹni náà ti gbàgbé pé òun ní. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó dúró, ibòmíràn ni wọ́n ń kó ẹrù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka gbólóhùn tó wà níbẹ̀. Bí ó bá ní Backup is off, ẹ tàn án padà, ó lè jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ní àyè àkáǹtì ti kún, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí bátìrì tí yóò yanjú rẹ̀. 15 GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ímeèlì Gmail àti fáìlì Drive sì wà nínú 15 GB yẹn pẹ̀lú àwòrán. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2021, àwòrán tí wọ́n bá dín kù kì í jẹ nínú àyè yìí. Láti ìgbà náà wá, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Bí ó bá sì ní òun ń dúró de Wi-Fi, ẹ tẹ̀ síwájú sí ìpín tó sọ nípa ohun tí kì í ṣe bátìrì, nítorí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀.

Èyí tó kan bátìrì jù lọ ni ìgbà tí kò bá sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Ó kàn ń sọ fún yín pé iye báyìí ló kù, iye náà kò sì dín kù láti àárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìdánwò ojú fóònù títàn àti pípa

Ẹ fi fóònù sínú ṣájà, kí ẹ so ó mọ́ Wi-Fi tó dára. Ẹ ṣí Google Photos, ẹ jẹ́ kí ojú fóònù wà ní títàn, kí ẹ sì máa wo iye tó kù. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ ṣájà, ẹ pa ojú fóònù, kí ẹ gbé e sórí tábìlì fún bí wákàtí kan láì fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó tún ṣí áàpù náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ iye tó kù tẹ́lẹ̀, torí pé ní kété tí ẹ bá ti ṣí i, yóò sáré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì dà bí ẹni pé kò dúró rí.

Bí iye náà bá ń dín kù nígbà tí ojú fóònù wà ní títàn, tó sì dúró sójú kan lẹ́yìn tí ẹ pa á, a ti mọ ẹni tó ṣẹ̀: fóònù kò gbà kí áàpù náà ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ máa bá mi bọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá dín kù rárá, pẹ̀lú ojú títàn àti ṣájà nídìí rẹ̀, ẹ fo àwọn ìgbésẹ̀ bátìrì tó tẹ̀ lé e yìí. Ẹ ó kàn fi àkókò ṣòfò ni.

Ìdí tí fóònù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ bọ́tìnnì tó yẹ ní títẹ̀.

Láti ìgbà tí Android 6.0 ti jáde ní 2015 ni Android ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Doze. Bí fóònù kò bá sí nínú ṣájà, tí ojú rẹ̀ wà ní pípa, tí wọ́n sì gbé e sílẹ̀ sójú kan fún ìgbà díẹ̀, yóò sùn. Nínú oorun yìí, áàpù kò ní lè lo íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wù ú. Fóònù á máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo áàpù á sáré ṣe iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, yóò sì tún sùn padà. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni àárín jíjí kan sí èkejì ń gùn sí i. Iṣẹ́ kékeré bíi gbígba ímeèlì rọrùn láti parí nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí, àmọ́ gbígbé fídíò ńlá kan lọ kò lè parí.

Android 9 wá fi nǹkan kan kún un ní 2018. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ẹ ṣe ń lo áàpù kọ̀ọ̀kan sí, ó sì ń pín wọn sí ìpele. Áàpù tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́ máa ń rí àyè ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí ẹ kì í ṣí, ìwọ̀nba àyè ni yóò máa rí. Adaptive Battery ni wọ́n kọ sí Settings fún èyí.

Ibí yìí gan-an ni Google Photos ti ń kó sí wàhálà. Kámẹ́rà lẹ fi ń ya àwòrán, Gallery lẹ fi ń wò ó, WhatsApp lẹ fi ń fi í ránṣẹ́. Ẹ kì í ṣí Photos. Fóònù wá gbà pé ẹ ò nílò rẹ̀, ó sì tì í sẹ́yìn. Áàpù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i ló ń jìyà pé ẹ kì í rí i.

Ẹ wò ó pé ṣájà ń yí gbogbo èyí padà. Bí fóònù bá wà nínú iná, Doze kò sí, ìhámọ́ tó wà lórí áàpù tí ẹ kì í lò sì máa ń tú. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi fóònù sínú ṣájà ní gbogbo òru, tí Wi-Fi sì wà nílé rẹ̀, kò fi mọ̀ pé ìṣòro yìí wà. Ẹni tó ń ṣájì fóònù ní ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan, tàbí láti ara pawa báńkì nínú ọkọ̀, níbi tí kò ti sí Wi-Fi, òun ni àwòrán rẹ̀ ń dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Battery Saver

Ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Battery, kí ẹ wá Battery Saver. Power saving ni wọ́n ń pè é lórí Samsung. Nígbà tí èyí bá wà ní títàn, ọ̀pọ̀ áàpù tí kò sí lójú fóònù kò ní rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò mọ́. Ó ṣòro kí àwòrán gòkè lábẹ́lẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èyí bá ń ṣiṣẹ́, ohun yòówù kí ẹ tẹ̀ nínú Google Photos.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni ìgbà tó ń tan ara rẹ̀. Nínú ìpín yìí kan náà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti lè sọ pé kí ó tàn bí bátìrì bá ti dé ìwọ̀n kan. Ẹlòmíràn ti sún un dé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ tí iná pẹ́ kó tó dé, kò sì dá a padà mọ́. Fóònù ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú Battery Saver láti àárọ̀ dé alẹ́, ó sì rò pé òun kò tàn án. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 15 tàbí 20.

Èmi ò ní kí ẹ pa á pátápátá o. Níbi tí a ń gbé, ó wúlò. Kí ẹ kàn mọ̀ pé, nígbà tó bá wà ní títàn, ẹ ti fi àwòrán tó ń lọ fúnra rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ bátìrì tó ń pẹ́. Àwọn ètò tó tún le ju ìyẹn lọ, irú Ultra Power Saving, ń dá gbogbo áàpù dúró àyàfi ìwọ̀nba tí ẹ bá yàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìyọ̀ǹda bátìrì ti Google Photos fúnra rẹ̀

Ẹ tẹ àmì Photos mọ́lẹ̀ lójú fóònù títí àkójọ kékeré kan á fi jáde, kí ẹ yan App info. Ọ̀nà yìí kúrú ju kí ẹ máa wá a nínú Settings, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lórí gbogbo fóònù. Níbẹ̀, ẹ wá Battery tàbí App battery usage. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó bá níbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù láti Android 12 síwájú.

Restricted túmọ̀ sí pé wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá bá Photos níbẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ lè má rántí pé ẹ̀yin lẹ ṣe é: nígbà mìíràn fóònù máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde pé áàpù kan ń jẹ bátìrì, ẹ sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni kí ìkìlọ̀ náà lè lọ. Optimized ni ó máa ń wà tẹ́lẹ̀, níbi tí fóònù ti ń fi ọgbọ́n tirẹ̀ pinnu. Unrestricted ni ìyọ̀ǹda kíkún.

Lórí Android 14 sókè, bọ́tìnnì kan tó ń jẹ́ Allow background usage lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ó gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Ẹ tẹ orúkọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó lè rí Optimized àti Unrestricted nínú.

Bí fóònù bá jẹ́ irú tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò fi ohun púpọ̀ kún Android, Optimized ti tó. Lórí Tecno, Infinix, Redmi àti àwọn tó jọ wọ́n, mo máa ń yan Unrestricted tààrà. Bátìrì yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwòrán púpọ̀ ń gòkè. Lẹ́yìn tí èyí tó ti dúró bá ti lọ tán, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má ṣe fún gbogbo áàpù ní irú ìyọ̀ǹda yìí ṣá. Áàpù ogún tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ ó fi mọ̀ pé Android ní ìdí tó fi ń hámọ́ wọn.

Kí ẹ tó jáde nínú App info, ẹ wo ìsàlẹ̀ fún Pause app activity if unused tàbí Manage app if unused, kí ẹ pa á. Bí ẹ ò bá ṣí áàpù fún oṣù mélòó kan, èyí máa ń gba ìyọ̀ǹda tó ti ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ìyọ̀ǹda láti rí àwòrán yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù fi kún un

Ẹ lè ṣe gbogbo èyí tán kí àwòrán ṣì dúró. Ìdí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tún ní ìṣàkóso bátìrì tiwọn lórí ti Android, àwọn méjèèjì kì í sì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Lórí Samsung, ẹ lọ sí Settings, Battery, lẹ́yìn náà Background usage limits. Lórí àwọn míì, ẹ kọ́kọ́ gba inú Device care kọjá. Ẹ wo Sleeping apps àti Deep sleeping apps. Èyí kejì ló burú jù, torí pé áàpù tó bá wà níbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ rárá àfi bí ẹ bá ṣí i. Bí Photos bá wà nínú ọ̀kan, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá fi í sínú Never sleeping apps, tí wọ́n ń pè ní Never auto sleeping apps lórí àwọn mìíràn.

Lórí Redmi, App info Photos ni ẹ ó ti rí Autostart, tó ń jẹ́ kí áàpù lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ tàn án. Níbẹ̀ náà ni Battery saver ti áàpù yẹn wà, ẹ yan No restrictions.

Lórí Tecno àti Infinix, áàpù kan wà tó ń jẹ́ Phone Master. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá Auto-start nínú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbà fún Photos. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi àpótí ìwárí Settings wá a.

Ohun tó tún kù ni ọwọ́ wa fúnra wa. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ṣí àkójọ àwọn áàpù tí a lò kẹ́yìn, tí a ó sì gbá gbogbo wọn dànù lẹ́ẹ̀kan. Lórí àwọn fóònù kan, gbígbá bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ẹ tẹ Force stop, áàpù tí wọ́n bá sì dá dúró bẹ́ẹ̀ kò ní gbéra mọ́ títí ẹ ó fi ṣí i fúnra yín. Bí ẹ ò bá lè ṣíwọ́ àṣà yìí, ẹ wo àmì àgádágodo lára Photos nínú àkójọ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní bá wọn lọ nígbà tí ẹ bá gbá wọn. Ní ti áàpù tó ní òun ń fọ fóònù mọ́, tí òun ń mú un yára, ojú tèmi ni pé kí ẹ yọ ọ́. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé kí wọ́n máa pa áàpù tí ẹ nílò.

Bí ó ṣe rí lórí fóònù kan

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn máa ń ya àwòrán gbogbo aṣọ kí oníbàárà tó gbé e lọ. Ó fẹ́ fi àwọn àrà kan han èèyàn lórí kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé kò sí ìkankan níbẹ̀ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Àwòrán tó ku ju 1,200 lọ. Nígbà tí a fi ojú fóònù sílẹ̀ ní títàn, iye náà ń dín kù. Nígbà tí a pa á, ó dúró.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í ṣí Photos rárá ni?"

Ó ní, "Kí ni n ó fi ṣe? Ṣebí Gallery wà."

A wo Battery Saver rẹ̀, ìdá 75 ló fi sí. A fà á wá sí 20. A wo App info, Restricted la bá Photos. A sọ ọ́ di Unrestricted. Mo rò pé ó parí. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí pé iye náà kò kúrò níbi tó wà. Áàpù tó ń fọ fóònù ló ń tẹ̀ ní alaalẹ́ kó tó sùn, ìyẹn sì ń pa Photos mọ́ àwọn yòókù. Ó yọ ọ́ kúrò, ó tan Auto-start fún Photos, ó sì gbé fóònù sínú ṣájà ní alẹ́ ọjọ́ tí iná wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wi-Fi ilé wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí yóò ti pẹ́ tó, torí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń rò pé kò ṣiṣẹ́ nìyí. Ká ní àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 3 MB, 1,200 yóò jẹ́ bíi 3,600 MB. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń gbé 2 Mbps lọ sókè, ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin MB kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà yóò gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin gbáko. Ẹ rántí pé bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára gbé nǹkan wá sọ́dọ̀ yín kọ́ ló ṣe ń yára gbé e lọ. Èyí tó ń lọ sókè sábà máa ń lọ́ra jù. Fídíò tún wá yàtọ̀. Ìṣẹ́jú kan fídíò 1080p lè tó 130 MB. Fídíò ìgbéyàwó oníṣẹ́jú mẹ́rin kan wà nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, ó sì lé ní 500 MB. Èyí nìkan lè mú iye tó kù dúró sójú kan fún ìdajì wákàtí ó lé, láìsí ohun tó ṣe áàpù náà. Bí ó ti wù kó rí, ilẹ̀ mọ́, ó sì ti lọ tán.

Bí kì í bá ṣe bátìrì

Bí áàpù bá ní òun ń dúró de Wi-Fi, tí ẹ sì rí àmì Wi-Fi lókè fóònù yín, ẹ bi ara yín ibi tí Wi-Fi náà ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù Android mìíràn ló ń pín dátà fún yín, fóònù yín mọ̀ pé dátà tí wọ́n ń rà ni, kò sì ní kà á sí Wi-Fi tòótọ́. Ẹ lọ sí Wi-Fi nínú Settings, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ wá Network usage tàbí Metered, kí ẹ yan Treat as unmetered. Àmọ́ kí ẹ rí i pé dátà wà níbẹ̀ o, torí 3,600 MB tí a ṣírò lókè yẹn ni ẹ fẹ́ fi gbé e.

Bí ẹ bá fẹ́ kó máa lo dátà fóònù fúnra rẹ̀, ó wà nínú Photos settings, Backup, Mobile data usage. Níbẹ̀ ẹ lè dá iye tó lè jẹ lójúmọ́, kí ẹ sì pa ti fídíò. Bí Data Saver bá wà ní títàn nínú fóònù, yóò dí èyí náà lọ́wọ́ àyàfi bí ẹ bá yọ Photos sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ tún wo Permissions nínú App info. Láti Android 14, fóònù lè fún áàpù ní ìwọ̀nba àwòrán tí ẹ bá fọwọ́ yàn nìkan. Bí ẹ bá ti yan èyí fún Photos, àwòrán tuntun kò ní hàn sí i, yóò sì máa sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ yàn án pé kí ó rí gbogbo rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ àwòrán WhatsApp nìkan ni kò lọ, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro kankan. Ní 2020 ni Google ti ṣíwọ́ kíkó fódà irú àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ láìsí àṣẹ yín. Ẹ tan fódà tí ẹ fẹ́ nínú Back up device folders. Èmi kì í tan ti WhatsApp. Àwòrán káàárọ̀ àti àdúrà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lè jẹ 15 GB tán kí ọdún tó yí po.

Lórí iPhone

Bí bátìrì tó wà lókè fóònù bá di àwọ̀ yẹ́lò, Low Power Mode ló wà ní títàn, iCloud Photos sì máa dúró. Yóò pa ara rẹ̀ bí ṣájà bá ti mú bátìrì dé ìdá 80. Ẹni tó ń lo Google Photos lórí iPhone gbọ́dọ̀ tan Background App Refresh nínú Settings, General, kó sì tàn án fún Google Photos pàápàá. Kó má ṣe gbá áàpù náà dànù lẹ́yìn tó bá lò ó tán. Bí àwòrán tó kù bá pọ̀, kó ṣí áàpù náà sílẹ̀ lójú fóònù nínú ṣájà, torí pé Apple kì í fún áàpù ẹlòmíràn ní àkókò púpọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ dán an wò kó tó di pé ẹ pa ohunkóhun rẹ́

Ẹ ya àwòrán ohun kan, ẹ pa ojú fóònù, ẹ jẹ́ kó wà nítòsí Wi-Fi. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ má ṣí Photos lórí fóònù yẹn. Ẹ lọ sí photos.google.com lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán náà ti dé. Bí ó bá ti dé, ìṣàkóso bátìrì ti gbà fún un. Bí kò bá tíì dé, ẹ fi fóònù sínú ṣájà lóru kí ẹ tún wò ó láàárọ̀. Bí ó bá lọ nínú ṣájà nìkan, ìhámọ́ kan ṣì wà nínú ìgbésẹ̀ karùn-ún tí ẹ kò tíì rí. Ẹ tún wo ibẹ̀ lẹ́yìn tí fóònù bá ti gba àtúnṣe tuntun, nítorí ó máa ń dá àwọn nǹkan kan padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀.

Ní ti Free up space tí Google Photos máa ń fi lọ̀ yín, tó ń pa àwòrán tó ti gòkè rẹ́ kúrò nínú fóònù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe. Ẹ ṣí àwòrán mélòó kan nínú áàpù, ẹ fi ìka fà á sókè, kí ẹ rí Backed up níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n fáìlì náà. Bí ẹ bá sì ń pa àwòrán rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ nínú Photos, ẹ mọ̀ pé ó ń kúrò nínú fóònù àti lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ti gòkè máa wà nínú Trash fún ọjọ́ 60, èyí tí kò tíì gòkè fún ọjọ́ 30, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ọ̀nà tí ẹ ó fi rí i gbà padà.